Ẹ Yí Ike Bọ́tà Yẹn Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rá Tíránsì Nínú Màjárínì àti Bisikíìtì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò ìpápánu àti àwọn òbí sọ níbi ìpàdé wọn ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí, àyàfi àwọn ibi tí a ti ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa. Ìyálọ́jà, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà lórí àga iwájú, ẹ kú àbọ̀ sí ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó wá, mo mọ̀ pé ọkàn yín ń lọ, ọkàn yín ń bọ̀. Ẹ fara balẹ̀, mi ò ní pẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí akọ̀wé yín pè mí, mo ní kí olúkúlùkù mú ọjà kan wá láti orí pẹpẹ rẹ̀: ike bọ́tà kan tàbí páálí bisikíìtì kan. Mo rí i pé ẹ mú wọn wá. Ẹ ṣé. Ẹ má tíì ṣí wọn o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá, ẹ̀yìn ike ló wà, kò sí nínú ike.

Ta ló sọ òróró di líle?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Òróró sóyà inú ìgò, ṣé ó ń ṣàn àbí kò ṣàn? (Ó ń ṣàn!) Bọ́tà tí a ń fi pa búrẹ́dì, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé òróró ewéko ni wọ́n fi ṣe é, ṣé ó ń ṣàn? (Kò ṣàn!) Òróró kan náà, ọ̀kan ń ṣàn, ọ̀kan dì. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?

Ọ̀nà púpọ̀ ló wà tí wọ́n fi ń mú kí òróró dì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kí á dá dúró lé lórí lónìí. Ní 1902, ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Wilhelm Normann gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan. Ó rí i pé bí èèyàn bá gbé òróró kaná, tí ó da lúbúlúbú irin níkẹ̀lì sí i, tí ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ háídírójìn gbà á kọjá, òróró náà á máa le sí i díẹ̀díẹ̀. Ní 1911, ilé iṣẹ́ Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà fi ọgbọ́n yìí ṣe ọ̀rá ìdáná, wọ́n pè é ní Crisco, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kì í tètè kan. Kò wọ́n bíi bọ́tà màlúù. Bisikíìtì tí wọ́n bá fi ṣe máa ń rún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́nu, ó sì lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀ láì yí òórùn padà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ sọ òótọ́, ta ni kò fẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Kí ni háídírójìn yẹn ń ṣe nínú òróró? Ẹ fojú inú wo igi ìdáná. Òróró tó ń ṣàn dà bí ìdì igi tó wọ́: igi kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti tẹ̀, ẹ ò lè tò wọ́n kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àlàfo á wà láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí òróró fi ń ṣàn. Háídírójìn ló ń wá àwọn ibi tó tẹ̀ yẹn, tó ń na wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ kó na gbogbo rẹ̀ tán, òróró á le gan-an bí àbẹ́là, kò ní ṣeé fi pa búrẹ́dì. Nítorí náà, àárín ọ̀nà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti máa ń dá a dúró, kó lè rọ̀ tó fún ọ̀bẹ. Àárín ọ̀nà yẹn gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí wọ́n bá dá a dúró láìtíì parí, àwọn igi kan á wà tí háídírójìn fọwọ́ kàn ṣùgbọ́n tí kò wọlé sí. Wọ́n á yí, wọ́n á na gbọọrọ, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rá líle gidi, wọn kì í sì í ṣe òróró mọ́. Àwọn yẹn ni à ń pè ní ọ̀rá tíránsì.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Òróró tí wọ́n ṣe dé àárín ọ̀nà ni ọ̀rá tíránsì kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe parí pátápátá, díẹ̀ kínún ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ló pín wọn níyà lórí lébẹ́ẹ̀lì.

Ẹ yí i padà

Ó yá, ẹ yí ohun tó wà lọ́wọ́ yín padà. Ẹ má wo iwájú rẹ̀. Iwájú ni wọ́n ti ya búrẹ́dì tó ń dán, tí wọ́n ya ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kò sí òróró ewéko kankan tó ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣeé sọ. Ara ẹran, ẹyin àti wàrà ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti ń wá. Bí mo bá ta omi fún yín tí mo ní kò sí ata nínú rẹ̀, ṣé mo purọ́? Mi ò purọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo sọ? Ọ̀rá tíránsì lè kún inú ike tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí lára, a ó sì rí i láìpẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun méjì ni ẹ máa rí lẹ́yìn ike: àtẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, àti ìpínrọ̀ tó to orúkọ èròjà, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ síbi àtẹ. Èmi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ èròjà. Kí nìdí? Àtẹ lè ṣe òdo fún yín, a ó dé ibẹ̀. Ìpínrọ̀ èròjà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn.

Ìtò ni wọ́n fi ń kọ ọ́: èyí tó pọ̀ jù níwájú, èyí tó kéré jù lẹ́yìn. Lára màjárínì, òróró tàbí ọ̀rá ló sábà máa ń ṣíwájú. Lára bisikíìtì, fúláwà ni, lẹ́yìn náà ṣúgà àti ọ̀rá. Bí ẹ bá dé ibi ọ̀rá, ẹ dúró. Àwọn lẹ́tà tí ẹ ń wá ni wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n sára ike: "partially hydrogenated". Àwọn mìíràn á kọ ọ́ ní "partly hydrogenated", ọ̀kan náà ni. Ẹ bá rí i, ẹ ti rí òróró àárín ọ̀nà nìyẹn, ì báà jẹ́ ti sóyà, ì báà jẹ́ ti ọ̀pẹ, ì báà jẹ́ ti òwú.

Bí wọ́n bá kọ "fully hydrogenated", èyí tí wọ́n ṣe parí nìyẹn. Ọ̀rá líle ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣíbí bù jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá tíránsì ni ẹ̀rù rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ "hydrogenated" lásán ńkọ́, tí wọn ò sọ bóyá ó dé àárín tàbí ó parí? Èmi a máa kà á sí èyí tó dé àárín títí ẹni tó ṣe é á fi sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "shortening" tàbí "vegetable fat" nìkan, ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ọ̀rá ọ̀pẹ tí kò ní tíránsì tó ṣeé kà, ó sì lè jẹ́ èyí tí à ń sá fún. Níbẹ̀ ni àtẹ ti wúlò.

Ìyá kan níwájú níbí ń na páálí rẹ̀ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ mú un wá. (Mo gbà á, mo sì kà á sókè.) Fúláwà, ṣúgà, òróró ọ̀pẹ, iyọ̀, ohun tó ń mú un wú, adùn fànílà. Òróró ọ̀pẹ ni wọ́n kọ, wọn ò so háídírójìn mọ́ ọn. Ìyá, ti tíránsì kọ́ ni ẹ̀rù ti bisikíìtì yín yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Tó ìdajì lára òróró ọ̀pẹ ló jẹ́ ọ̀rá líle, ṣúgà sì nìyẹn tó wà ní ipò kejì.

Òdo tó ní nǹkan nínú

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó wà lẹ́yìn òdo.

Ní Amẹ́ríkà, láti 2006 ni wọ́n ti ní kí gbogbo lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ máa kọ iye ọ̀rá tíránsì síbi àtẹ. Ìlà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ ní "Trans Fat". Ṣùgbọ́n òfin náà fi ihò kan sílẹ̀: bí ohun tó wà nínú ìwọ̀n ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó ìdajì gíráàmù, òdo ni wọ́n á kọ. Ta ló ń sọ iye tó jẹ́ ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan? Lórí páálí náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bisikíìtì mẹ́ta. Ṣíbí bọ́tà kan. Ẹ wo ojú ara yín, ta ló ń jẹ bisikíìtì mẹ́ta dá a dúró?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan. Páálí bisikíìtì kan wọ̀n tó gíráàmù 180. Wọ́n kọ ọ́ pé ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ gíráàmù 30, ìyẹn ni pé ìjẹ mẹ́fà ló wà nínú páálí. Níbi ìlà tíránsì, òdo. Ṣùgbọ́n nínú ìpínrọ̀ èròjà, ní ipò kẹta, òróró sóyà àárín ọ̀nà wà níbẹ̀ gedegbe. Òdo yẹn lè jẹ́ òdo tòótọ́, ó sì lè jẹ́ gíráàmù 0.4. Bí ó bá jẹ́ 0.4, tí ọmọ kan sì fi páálí náà mu tíì láti àárọ̀ títí di alẹ́, 0.4 lọ́nà mẹ́fà, gíráàmù 2.4 ló jẹ, láti ara ohun tí wọ́n kọ òdo sí.

Ṣé 2.4 pọ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá tíránsì má ṣe tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún wa. Àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kálórì 20. Gíráàmù ọ̀rá kan jẹ́ kálórì 9. Ẹ pín in: gíráàmù 2.2 péré. Páálí bisikíìtì kan ti kọjá ti àgbàlagbà. Ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,400 ńkọ́? Tirẹ̀ kò ju gíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ ò ní rí ìlà tíránsì kankan lórí àtẹ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fi pamọ́, ìlànà àtẹ wọn ni kò ní i. Ṣùgbọ́n òfin wọn mú un ní dandan pé kí ilé iṣẹ́ sọ, nínú ìpínrọ̀ èròjà, bóyá òróró dé àárín ni tàbí ó parí. Nítorí náà, bí lébẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ti ibẹ̀, ìpínrọ̀ èròjà nìkan ni ẹ̀rí yín.

Bọ́tà kan, ìwọ̀n méjì

Ẹ jẹ́ kí n mú màjárínì náà. Òfin NAFDAC ti 2022 lórí ọ̀rá àti òróró fi ààlà sí i: nínú gbogbo gíráàmù 100 ọ̀rá, tíránsì kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 2. Denmark ló kọ́kọ́ fi irú ààlà yìí lélẹ̀ ní 2003. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé e ní 2021. Brazil náà ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ síwájú, wọ́n fòfin de òróró àárín ọ̀nà pátápátá ní 2023. Amẹ́ríkà ti pinnu ní 2015 pé òróró àárín ọ̀nà kò yẹ ní fífi sí oúnjẹ mọ́, wọ́n sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àkókò títí di oṣù kẹfà 2018.

Kí ni ààlà yẹn túmọ̀ sí nínú búrẹ́dì yín? Ẹ mú màjárínì tó jẹ́ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọ̀rá. Ẹ fi gíráàmù 10 pa búrẹ́dì. Gíráàmù 8 nínú rẹ̀ ni ọ̀rá. Bí ó bá jẹ́ irú màjárínì líle ayé àtijọ́, tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ tíránsì, gíráàmù 1.6 lẹ jẹ nìyẹn, ní ọwọ́ kan. Ẹ pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3.2, ẹ ti kọjá ìwọ̀n ọjọ́ yẹn kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá òfin tuntun mu, gíráàmù 8 ọ̀rá yẹn kò gbọ́dọ̀ ní ju 0.16 lọ. Ọ̀bẹ kan náà, búrẹ́dì kan náà. Ẹ rí bí ìwọ̀n méjèèjì ti jìnnà sí ara wọn.

Ojú àti ọwọ́ kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ fún yín. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé bọ́tà tí kò bá yọ́ lóòrùn, tíránsì ló wà nínú rẹ̀. Rárá o. Ọ̀rá ọ̀pẹ náà lè má tètè yọ́. Ẹ̀rọ inú yàrá àyẹ̀wò ló lè ka tíránsì. Fún èmi àti ẹ̀yin, ìwé ara ike ni.

Kí ló ń ṣe fún ọkàn?

Ẹ̀yin bàbá, mo rí i pé ojú yín ti ń wúwo. Ibí ni ẹ máa jí.

Láàárín ẹ̀jẹ̀ wa, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dá rìn, ó ní ohun tó ń gbé e. Àwọn dókítà máa ń ka méjì: LDL, tó ń gbé e kiri tó sì ń fi í sílẹ̀ lára iṣan, àti HDL, tó jẹ́ pé bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, àmì tí kò dára fún ọkàn ni. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì ní Netherlands, Ronald Mensink àti Martijn Katan, kó èèyàn 59 jọ, ọkùnrin 25 àti obìnrin 34, ara gbogbo wọn sì le. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ oríṣi mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rá tíránsì pọ̀ nínú oúnjẹ, LDL lọ sókè, HDL sì lọ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ méjèèjì. Ọ̀rá líle ti bọ́tà màlúù ń gbé LDL sókè, ṣùgbọ́n kì í fa HDL wálẹ̀. Tíránsì ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Títí di ìgbà yẹn, wọ́n ti ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n fi bọ́tà màlúù sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ màjárínì.

Kí wá ni ìwọ̀n ewu rẹ̀? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà dẹ́rù ba èèyàn. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ ṣe lórí ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ ní 2006, wọ́n rí i pé bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ bá ti ara tíránsì wá, ewu àrùn iṣan ọkàn ń fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìdá méjì yẹn jẹ́ bíi gíráàmù 4.4 lóòjọ́ fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000.

Ìdá 23! Ṣé ó túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́tàlélógún á kó àrùn ọkàn? Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ewu tẹ́lẹ̀ ló ń lé lórí. Ẹ mú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí ọjọ́ orí ti ń lọ, tó jẹ́ pé mẹ́wàá nínú wọn á ní àrùn ọkàn láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ gíráàmù 4.4 yẹn lójoojúmọ́, mẹ́wàá yẹn á di bíi méjìlá. Ẹ wá mú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé méjì péré ló wà nínú ewu: méjì yẹn á di méjì àti ààbọ̀, bí èèyàn bá ṣeé pín sí ààbọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mu sìgá, tirẹ̀ ló wúwo jù, nítorí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn mọ́ àwọn tó ń ta ìbẹ̀rù. Bí ẹ bá jẹ bisikíìtì kan lónìí, ọkàn yín kò ní dúró. Ìwádìí yẹn sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún púpọ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa sọ fún aláìsàn tí ìfúnpá rẹ̀ ga, tó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń ka lẹ́yìn bisikíìtì: Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lo oògùn yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa tíránsì tó yàtọ̀ sí iyọ̀ àti ṣúgà. Iyọ̀, ara nílò díẹ̀. Tíránsì ilé iṣẹ́, ara kò nílò ẹyọ kan.

Ṣé yíyọ ọ́ kúrò ń so èso lóòótọ́? Ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn àgbègbè kan fòfin dè é nínú ilé oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ láti ìlú New York ní 2007, àwọn àgbègbè kan kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iye àwọn tí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ gbé wọ ilé ìwòsàn ní àwọn àgbègbè tó fòfin dè é fi ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ju ibi tí wọn kò ti ṣe é.

Páálí tí kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ike tó ní lébẹ́ẹ̀lì ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ màjárínì jù ní ìlú yìí? Ṣé ẹni tó ra ike kékeré ni, àbí ẹni tó ń jẹ mítípáì, ṣinṣín, kéèkì òde ìgbéyàwó àti búrẹ́dì? Màjárínì tí àwọn tó ń ṣe wọ̀nyí ń rà, inú páálí ńlá ló ń wà. Ní ọjà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n á wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá nílọ́ọ̀nù funfun, wọ́n á so ó. Nílọ́ọ̀nù funfun kò ní ìpínrọ̀ èròjà. Ẹni tó jẹ mítípáì náà kò rí páálí. Ẹni tó ṣe é náà kò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀n ọ́n tà ló wà ní àárín, páálí sì ti ọwọ́ yín kọjá. Mo bẹ̀ yín: ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí yẹn kí ẹ tó fi dáná tàbí kí ẹ fún àwọn tó ń kó páálí. Wọ́n máa ń tẹ ìpínrọ̀ èròjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà NAFDAC síbẹ̀. Ẹ fi fóònù yà á. Bí aláṣèjẹ bá béèrè, ẹ fi hàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Ìbéèrè díẹ̀

Ìyá kan béèrè bóyá wàrà àti bọ́tà màlúù náà ní tíránsì. Wọ́n ní i díẹ̀. Inú ikùn màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló ti ń ṣẹ̀dá ara rẹ̀. Ó kéré, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa jẹ wàrà débi tí òróró àárín ọ̀nà máa ń gbé èèyàn dé. Òfin gíráàmù 2 tí mo sọ, irú èyí tí Denmark àti Yúróòpù ṣe, kò ka ti ẹran ọ̀sìn mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn béèrè nípa òróró tí wọ́n ń fi dín àkàrà léraléra. Iná ìdáná lè mú tíránsì díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé iṣẹ́. Òróró tó ti dúdú, tó ń yọ fóòmù, burú fún ìdí mìíràn, ẹ dà á nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀rọ̀ òní.

Bàbá kan ní ẹ̀yìn béèrè ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù: ọjà tó ti wà lórí pẹpẹ òun, tó ní ọ̀rọ̀ àárín ọ̀nà yẹn lára, kí ni kí òun ṣe é? Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó lè jẹ́ ọjà tó ti pẹ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbà wọlé láì gba ọ̀dọ̀ NAFDAC kọjá, nítorí náà ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Rírí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ti ré òfin kọjá, nítorí iye tó wà nínú rẹ̀ ni òfin ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ìdí tó tó láti béèrè ni. Ẹ pe ẹni tó kó o fún yín, kí ẹ béèrè iye tíránsì tó wà nínú gíráàmù 100 ọ̀rá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́. Bí wọn kò bá lè sọ, ẹ dá a padà, ẹ má kó o mọ́, kí ẹ sì mú páálí kan lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà nítòsí yín. Èyí tó kù lórí pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣe àdìnkù owó fún àwọn ọmọ ilé ìwé.